Ìwé Tí Òṣìṣẹ́ Tọwọ́ Bọ̀ Kò Sọ Owó Ìtanràn Di Ẹ̀tọ́

Láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Sápọ́n ní Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà wà tí wọn kì í mọ iye tí wọn yóò gbà lóṣù títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi dún lórí fóònù wọn. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí, èsì tí ọ̀gá máa ń fún wọn ni pé, "Ṣebí o tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ tí a gbà ọ́."

Ìwé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ìpín karùn-ún Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1974, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun yóò yọ ọ́. Òfin ti mọ̀ pé ẹni tí ń wá iṣẹ́ yóò tọwọ́ bọ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dí ọ̀nà àdéhùn náà pa.

Ká ní ọmọbìnrin kan ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní ilé ìtajà kan, ₦75,000 sì ni owó oṣù rẹ̀. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ọgbọ̀n, nítorí pé Lafẹ́nwá dí. Wọ́n yọ ₦2,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ₦8,000. Oníbàárà kan fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, owó náà kò wọlé, wọ́n yọ ₦21,000. Ó ti yá ₦60,000 lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n sì ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦20,000 ni yóò máa san lóṣù. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦49,000. ₦26,000 ló mú lọ sílé.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbèsè yẹn nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló yá owó náà tó sì fọwọ́ sí bí yóò ṣe san án. Owó pípẹ́ jẹ́ ìtanràn pọ́ńbélé. Bí a bá pín owó oṣù rẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ààbọ̀ wákàtí kò tó ₦200. Ẹni tó bá yọ ₦2,000 dípò rẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ ènìyàn. Ọ̀gá lè bi í ní ìbéèrè lórí ìwé, ó lè kìlọ̀ fún un, ó tilẹ̀ lè dá a dúró bí àdéhùn iṣẹ́ bá fàyè gbà á, ṣùgbọ́n kò lè dáwọ́ lé owó rẹ̀.

Ti ₦21,000 ló ta kókó. Òfin gba kí wọ́n yọ ìwọ̀n tó bójú mu fún òfò tí òṣìṣẹ́ fi àìbìkítà tàbí ìwà àmọ̀ọ́mọ̀hù fà, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí a ń pè ní lébọ̀ ọ́físà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ tán. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún ọmọbìnrin yìí pé kó má jẹ́ kí ọjà jáde kí owó tó wọlé, tí kò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí, ẹ̀bi lè jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá kékeré ló ní kí oníbàárà máa lọ nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì kò dáa ńkọ́? Ẹni tó pàdánù owó kò lè jẹ́ adájọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Kódà bí lébọ̀ ọ́físà bá fọwọ́ sí i, gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Fún ọmọbìnrin yìí, ₦25,000 ni. Gbèsè ti gba ₦20,000 níbẹ̀, nítorí náà ₦5,000 péré ni wọ́n lè fi kún un lóṣù yìí. Ohun tó kéré jù tó yẹ kó mú lọ sílé ni ₦50,000, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tó gbà, ó dín díẹ̀. Àwọn alákòóso àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin yìí o; ìwé àdéhùn tiwọn ni wọn yóò gbé yẹ̀wò.

Kí ló wá dé tí àwọn ọ̀gá kò bẹ̀rù? Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lábẹ́ òfin yìí, ìtanràn tirẹ̀ kò ju ₦800 lọ. Bó bá tún un ṣe, ₦1,500. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà. Owó tí ilé ìtajà fi ń jẹ òṣìṣẹ́ níyà fún ààbọ̀ wákàtí ju èyí tí ìjọba fi ń jẹ ilé ìtajà náà níyà lọ! Inú ń bí wa sí i.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn kò lè yí i padà, nítorí pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin iṣẹ́ wà. Àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ Ògùn rán lọ sí Àbújá ni a ń bá wí: ẹ gbé àtúnṣe ìtanràn yìí lọ síwájú ilé aṣòfin, kí ẹ sì fi kún un pé kí agbanisíṣẹ́ dá gbogbo owó tó yọ padà. Kí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ilé ìtajà, kí wọ́n béèrè ìwé owó oṣù, kí wọ́n sì béèrè ìwé àṣẹ tí wọ́n fi yọ owó òfò kọ̀ọ̀kan.