Kì í ṣe gbogbo máínọ́ọ̀sì ló ń yí ẹnu àmì padà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, níwájú ilé wa ní Kàbà níbi tí mo ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò, mo kọ ìbéèrè àìdọ́gba kékeré kan sára pátákó:

3x < −12

Ọmọkùnrin kan ti nawọ́ kí n tó sọ ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ó jáde, ó fi 3 pín ọ̀tún, ó fi 3 pín òsì, ó sì kọ x > −4. Mo bi í pé kí ló dé tó fi yí àmì àárín. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. “Àǹtí, máínọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ kẹ̀.” Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń mi orí, wọ́n gbè é lẹ́yìn.

Mi ò bá a jà. Mo ní kó mú nọ́ńbà kan wá tó ju −4 lọ, èyíkéyìí tó bá wù ú. Ó mú òdo. Mo ní, “Mẹ́ta lọ́nà òdo jẹ́ èló?” Ó ní òdo. “Ṣé òdo kéré sí −12?” Ó dákẹ́. Ó tún pátákó wò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún ẹfun, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu àmì náà. Ìdáhùn tó tọ́ ni x < −4. Kò sí ohun tó yẹ kó yí.

Ohun tí ọmọ yẹn gbà gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tó jókòó ti ọmọ wọn nídìí iṣẹ́ àmúrelé, mo sì ti rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó wá bá mi láti Ìsánlú títí dé Ìyàrà: “Tí o bá ti rí máínọ́ọ̀sì, yí àmì.” Gbólóhùn náà kúrú, ó rọrùn láti há sórí, ó sì ń gbé ìdáhùn tó tọ́ jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àṣìṣe inú rẹ̀ hàn.

Mo fura sí ohun tó bí i. Nígbà tí à ń kọ́ ọmọ ní ìdọ́gba lásán, a máa ń sọ pé tí nǹkan bá kọjá sí òdìkejì, “àmì rẹ̀ á yí padà”, ìyẹn ni pé àròpọ̀ á di àyọkúrò. Nígbà tó bá wá di àìdọ́gba, a tún sọ pé “àmì máa ń yí padà”, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín là ń sọ báyìí. Nǹkan méjì, orúkọ kan. Ọmọ ò mọ èyí tí à ń pè. Láti ìgbà tí mo ti kíyè sí i ni mo ti ń pe < àti > ní ẹnu. Ẹnu náà máa ń là sí ọ̀dọ̀ èyí tó pọ̀. Máínọ́ọ̀sì ni mo fi orúkọ àmì sílẹ̀ fún.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹnu máa ń yí: nígbà tí o bá fi nọ́ńbà tó kéré sí òdo sọ ọ̀tún àti òsì di púpọ̀, tàbí tí o fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pín wọn. Tí o bá yọ nǹkan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ní yí. Tí o bá ro nǹkan pọ̀ mọ́ wọn, kò ní yí. Tí máínọ́ọ̀sì bá jókòó sára nọ́ńbà tí wọ́n ń pín, bí −12 òkè yẹn, kò kàn án. Nọ́ńbà tí o fi ń pín ni kí o wò, 3 sì ni, kò ní máínọ́ọ̀sì kankan lára.

Àmọ́ kí ló dé tó fi ń yí rárá? Èdè wa ti dáhùn kí ìwé tó dé. Gbọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà: mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún. Mẹ́ta dín ní ogún, mẹ́rin dín ní ogún. Mẹ́rin ju mẹ́ta lọ, ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún kéré sí mẹ́tàdínlógún, torí pé èyí tí a dín púpọ̀ lára rẹ̀ ló ṣẹ́kù díẹ̀. Tí o bá fi 4 > 3 sílẹ̀, tí o wá dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 20, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ ni 16 < 17. Ẹnu ti yí, ìwọ fúnra rẹ lo sì yí i láìmọ̀, láti ìgbà tí o ti ń ka oókan, eéjì. Yọ ogún yẹn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di −4 < −3. Ìtàn yẹn náà ni, ogún nìkan la gbé kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó fa ìlà nọ́ńbà sórí tákàdá, kó fi òdo sí àárín gan-an, kó fi ìbù kan náà pín in lọ sí ọ̀tún àti òsì. Kó fi báírò dúdú tẹ 2 àti 5 mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó wá ṣẹ́ tákàdá náà po níbi òdo, kó gbé e sókè kọjú sí iná. Ojú 2 bọ́ sórí −2, ojú 5 bọ́ sórí −5. Èyí tó jìnnà jù lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀ ló wá jìnnà jù lọ́wọ́ òsì. Ṣíṣẹ́ tí o ṣẹ́ ẹ po yẹn ni fífi −1 sọ nọ́ńbà di púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá kàn ro nǹkan pọ̀ tàbí yọ nǹkan kúrò, ńṣe lo kàn fa gbogbo ìlà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó wà níwájú ṣì wà níwájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan tó ní iṣu nínú, torí iṣu la mọ̀ níbí. Àgbẹ̀ kan ní iṣu 50 nínú àká. Mẹ́rin ni ilé rẹ̀ ń sè lóòjọ́. Ó fẹ́ kó ku 18 ó kéré tán tí yóò fi ṣe èèbù. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi jẹun kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kan èèbù? Ká pe iye ọjọ́ ní d:

50 − 4d ≥ 18

Yọ 50 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: −4d ≥ −32. Ẹ wò ó, máínọ́ọ̀sì méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹnu ò sì yí, torí yíyọ la yọ. Ibí yìí ni àwọn ọmọ tó ti há gbólóhùn yẹn sórí máa ń yí i lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á tún yí i lẹ́ẹ̀kejì ní ìlà tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n á fi padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, fi −4 pín méjèèjì. Òun ni ẹnu ń yí fún:

d ≤ 8

Ọjọ́ mẹ́jọ, iṣu 32 ti lọ, 18 ló kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, 14 ló kù, wọ́n ti jẹ èèbù. Ẹni tí kò yí ẹnu yóò kọ d ≥ 8, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ṣe ń jẹ ẹ́ pẹ́ tó ni èèbù á ṣe máa pọ̀ tó. Àgbẹ̀ tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí yóò rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yíyí ẹnu lè yẹra fún un pátápátá. Ro 4d pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò: 50 ≥ 18 + 4d. Yọ 18: 32 ≥ 4d. Fi 4 pín: 8 ≥ d. Kò síbi tí ẹnu ti yí, ìdáhùn kan náà ló sì dé. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn tirẹ̀ nígbà tó bá kan ìlà nọ́ńbà. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ẹnu yẹn jọ orí ọfà, pé ibi tó ń nà sí ni kí àwọn fa ìlà sí. Nínú 8 ≥ d ó ń nà sí ọ̀tún, wọ́n á sì fa ọfà sí ọ̀tún. Kọ lẹ́tà náà síwájú kí o tó yàwòrán: 8 ≥ d ni d ≤ 8, òsì sì ni.

Ní ti yíyàwòrán fúnra rẹ̀, èyí ni ti −3x < 12. Máínọ́ọ̀sì wà lára 3 tí a fi ń pín, nítorí náà ẹnu yí, ó di x > −4:

```
<--+---+---o===+===+===+===+===+==>
  -6  -5  -4  -3  -2  -1   0   1
```

Òdo kékeré tó ṣófo ló wà lórí −4, torí −4 fúnra rẹ̀ kò sí lára wọn: −3 lọ́nà −4 jẹ́ 12 géérégé, 12 kò sì kéré sí 12. Ká ní ≤ ni, à bá kun inú rẹ̀ dúdú. Ti ìbéèrè àkọ́kọ́, 3x < −12, ní òdo tó ṣófo níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òsì ni ìlà rẹ̀ gbà. Ọmọ tó bá yí ẹnu fún méjèèjì yóò ya àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún ìbéèrè méjì tó kẹ̀yìn síra. Ti iṣu yàtọ̀ díẹ̀: kò sí ọjọ́ tó kéré sí òdo, ilé yẹn sì ń ka ọjọ́ ní odindi, nítorí náà ìlà gbọọrọ kọ́ la máa fà, àmì tó-tò-tó láti 0 dé 8 ni, mẹ́sàn-án lápapọ̀.

Ọmọ tó nu àmì rẹ̀ yẹn ló tún bi mí léèrè kí wọ́n tó tú ká. “Àǹtí, tí n ò bá wá rí máínọ́ọ̀sì lára ohun tí mo fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, mo ti bọ́ nìyẹn?” Mo kọ èyí fún un:

6/x > 2

Ó fi x sọ ọ̀tún àti òsì di púpọ̀, ó di 6 > 2x, ó ní x < 3. Mo ní kó fi −1 dán an wò, ó ṣáà kéré sí 3. Mẹ́fà tí a fi −1 pín jẹ́ −6, kò sì ju 2 lọ. Ojú x mọ́ kedere, kò sí máínọ́ọ̀sì kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kéré sí òdo lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. A ní láti ya ọ̀nà méjì. Tí x bá ju òdo lọ, ẹnu dúró bó ṣe wà, x < 3. Tí x bá kéré sí òdo, ẹnu yí, ó di 6 < 2x, ìyẹn x > 3, kò sì sí nọ́ńbà tó kéré sí òdo tó tún ju 3 lọ. Ohun tó kù ni 0 < x < 3: òdo ṣíṣófo lórí 0, òmíràn lórí 3, kí a sì kun àárín wọn.