Gíráṣúítì Ọdún 2014 Kì Í Ṣe Owó Tòní

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti pín sọ̀wédowó gíráṣúítì fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ọdún 2014. Inú wa dùn fún gbogbo ẹni tó rí tirẹ̀ gbà, pàápàá àwọn tí ọmọ ní láti fà lọ́wọ́ gun orí pèpéle. Ohun tí a kò lè gbà ni ọ̀rọ̀ tí kọmíṣọ́nnà sọ lẹ́yìn ayẹyẹ náà, pé ìjọba kò jẹ ìpele náà ní gbèsè kankan mọ́. Iye náírà tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ní 2014 náà ni wọ́n kọ sórí sọ̀wédowó. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

A ti sọ ọ́ ní ojú ewé yìí rí, a sì tún ń sọ ọ́: gíráṣúítì tó bá pẹ́ kì í ṣe gíráṣúítì tó pé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ ètò àtijọ́ tí òfin pẹ́ńṣàn ọdún 1979 gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi fẹ̀yìn tì, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni iye ọdún tí ènìyàn fi sin ìjọba. Èkejì ni àpapọ̀ owó oṣù àti àjẹmọ́nú rẹ̀ fún ọdún kan, ní ipele tó wà lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó lo ọdún 10 á gba gíráṣúítì tó jẹ́ owó ọdún kan gbáko, á sì máa gba pẹ́ńṣàn tó jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lò lé e á fi ìdá 8 kún gíráṣúítì, á sì fi ìdá 2 kún pẹ́ńṣàn. Bí ó bá fi máa pé ọdún 35, gíráṣúítì ti di owó ọdún mẹ́ta, pẹ́ńṣàn sì ti di ìdá 80.

Ohun kan wà nínú tábìlì ìṣirò òfin náà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣàkíyèsí. Ẹni tó lo ọdún 9 kò ní pẹ́ńṣàn rárá, ṣùgbọ́n gíráṣúítì tirẹ̀ jẹ́ ìdá 132 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan. Tó bá lo ọdún kan sí i, gíráṣúítì á já wálẹ̀ sí 100, nítorí pé pẹ́ńṣàn ti bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀nà méjì ni wọ́n kàn gbà ń san án. Gíráṣúítì kì í ṣe ẹ̀bùn tí gómìnà fi ń ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Kí wọ́n yé dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń san án!

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀gá ilé-ìwé kan tó lo ọdún 35, tí àpapọ̀ owó rẹ̀ lóṣù sì jẹ́ ₦100,000 nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2014. Owó ọdún kan jẹ́ ₦1,200,000. Gíráṣúítì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ₦3,600,000. Pẹ́ńṣàn rẹ̀ jẹ́ ₦80,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún náà jẹ́ ₦18,000, nítorí náà gíráṣúítì rẹ̀ tó owó igba oṣù fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Láti oṣù keje ọdún 2024, owó tó kéré jù ti di ₦70,000. ₦3,600,000 kan náà kò ju owó oṣù mọ́kànléláàádọ́ta lọ mọ́. Ohun tó lè kọ́ ilé nígbà náà, bóyá ni yóò fi kan òrùlé lónìí. Bàbá náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró dè wọ́n ni.

Ní ti pẹ́ńṣàn, ó kéré tán òfin rántí rẹ̀. Abala 210 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣàn àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó òṣìṣẹ́, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Bí ìjọba ṣe ń pa òfin náà mọ́ sí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, a ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ fún gíráṣúítì, nítorí àwọn tó ṣe òfin rò pé ọjọ́ tí ènìyàn bá fẹ̀yìn tì ni wọn yóò kó o fún un. Ta ni yóò rò pé ìjọba yóò di í mú fún ọdún mẹ́wàá?

Àwọn olùdámọ̀ràn ìjọba ń sọ pé ètò pẹ́ńṣàn àjọdá ni yóò yanjú gbogbo rẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá ìdá 8 nínú owó oṣù, tí agbanisíṣẹ́ sì ń dá ìdá 10. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe owó gọbọi tí ènìyàn ń mú nínú àkáǹtì yẹn ní gíráṣúítì. Owó ara rẹ̀ ni, bó bá sì ṣe mú un pọ̀ tó ni èyí tí yóò máa gbà lóṣooṣù yóò ṣe dín kù tó. Òfin ètò náà ti ọdún 2014 tún sọ nǹkan kan tí wọn kì í mẹ́nu bà: agbanisíṣẹ́ tó bá pẹ́ kó owó náà sínú àkáǹtì á san ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú owó tó jẹ, fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ìdádúró bá ní ìtanràn níbẹ̀, kí ló dé tí kò ní lọ́dọ̀ àwọn tó dúró de gíráṣúítì?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa ìṣirò fúnra rẹ̀. Lára àwọn tó wá sí ọ́fíìsì wa lọ́sẹ̀ yìí ni ìyá kan tó di fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tó gbà ní ọdún méjì ṣáájú ìfẹ̀yìntì, àmọ́ ipele àtijọ́ ni ìwé owó oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì ń tọ́ka sí. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣírò fún un. Àṣìṣe kan ṣoṣo yìí gé gíráṣúítì, ó sì ń gé pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí ayé. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ tirẹ̀ wò, kó ka ọdún tó lò láti orí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kó wá ìdá tó tọ́ sí iye ọdún náà, kó sì fi ṣírò owó ọdún kan ní ipele tó wà nínú lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn. Bí èsì bá yàtọ̀ sí ti ìjọba, kó kọ̀wé tako o kíákíá.

Ìpele ọdún 2015 ló kàn. Kí wọ́n tó tún háyà ìjókòó àti àtíbàbà, kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo wọn mọ́ ara ògiri ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn. Kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìṣirò tirẹ̀. Kí wọ́n sì fi iye tí àwọn tó wà ní ipele wọn ń gbà lónìí ṣírò gíráṣúítì wọn, kí àwọn ti 2014 sì padà wá gba èyí tó kù.