Àtúnṣe: Káàdì ìlò-ẹ̀ẹ̀kan kò gbé nọ́ńbà àkáǹtì yín

"Ẹ má gba káàdì orí fóònù o! Nọ́ńbà àkáǹtì yín ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á kó gbogbo owó yín lọ."

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ káàkiri Abẹ́òkúta yìí kì í ṣe òótọ́. Bí ẹ bá ní kí áàpù báńkì ṣe káàdì ìlò-ẹ̀ẹ̀kan fún yín, ìyẹn káàdì orí fóònù tí ẹ máa fi sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nọ́ńbà tuntun ni kọ̀ǹpútà wọn máa ń ṣẹ̀dá, ó sì sábà máa ń jẹ́ onídíjíìtì 16. Àwọn díjíìtì tó ṣáájú ń fi ilé iṣẹ́ tó gbé káàdì jáde hàn, àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti káàdì yẹn nìkan. Èyí tó gbẹ̀yìn, ara àwọn yòókù ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kí àṣìtẹ̀ lè tètè hàn. Àkọsílẹ̀ báńkì nìkan ló so ó mọ́ àkáǹtì yín. Ọlọ́jà kì í rí ìyẹn.

Ká ní aládìírẹ kan ní Ìtòkú fẹ́ ra aró ₦18,500 lórí ayélujára. Ó fi iye yẹn ṣe òdiwọ̀n káàdì, ó sanwó, káàdì kú. Bí olè bá jí nọ́ńbà náà lọ́dọ̀ ọlọ́jà, tó fẹ́ fi yọ ₦60,000, báńkì á kọ̀ ọ́. Àmọ́ bí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ oníjìbìtì, ₦18,500 yẹn lè lọ.

Ẹ fi nọ́ńbà náà wé ti àkáǹtì yín àti ti káàdì inú pọ́ọ̀sì yín: wọn ò ní bára mu. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ sanwó, kì í ṣe ti ìlò-ẹ̀ẹ̀kan; ẹ pa á nínú áàpù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.