Egbò Ẹnu Tí Kò Dunni Gan-an Ló Yẹ Kí Ẹ Fura Sí

"Kò dùn mí, kò lè jẹ́ nǹkan burúkú." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn bí egbò bá yọ sí wọn lẹ́nu. Bí egbò náà ṣe ń ta tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewu rẹ̀. Èyí tó ń ta gan-an, wọ́n á sáré wá oògùn sí i. Èyí tí kò ta, wọ́n á fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí wọn ò fi ní rántí rẹ̀ mọ́. Ní ti jẹjẹrẹ ẹnu, òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo egbò kékeré tó máa ń yọ sí inú ètè tàbí abẹ́ ahọ́n, tí àárín rẹ̀ funfun, tí etí rẹ̀ pupa yíká. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń ta, torí pé awọ orí ibẹ̀ ti bó, gbogbo ohun tó bá kàn án ló ń kan iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀. Egbò yìí á le èèyàn lómi lójú, àmọ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ó ti san. Jẹjẹrẹ kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Nínú jẹjẹrẹ ẹnu 10, nǹkan bí 9 ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó bo inú ẹnu. Sẹ́ẹ̀lì yìí á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láìtíì débi iṣan ìmọ̀lára tó jinlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kò fi ní ìrora kankan níbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìrora bá fi máa dé, ó ti sábà wọlé jìnnà. Ìgbà náà ni gbígbé itọ́ mì á máa nira, tí eyín á máa mì láìsí pé erìgì ń ṣàìsàn, tí ìsàlẹ̀ ètè tàbí àgbọ̀n á kú tí kò ní mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí ẹnu kò ní là dáadáa mọ́. Etí tún lè máa dun ẹni náà lápá ibi tí egbò wà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe etí. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹnu àti ọ̀fun pín ọ̀nà pẹ̀lú ti etí ni. Àwọn tó ń kọ àmì wọ̀nyí sílẹ̀ pé àmì ìbẹ̀rẹ̀ ni ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Kì í ṣe pé gbogbo egbò tó ń dunni ti bọ́ lọ́wọ́ ewu o. Jẹjẹrẹ mìíràn máa ń ta díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí nǹkan gbígbóná bá kàn án. Ohun tí à ń sọ ni pé ìrora kò lè dá egbò láre, kò sì lè dá a lẹ́bi. Ohun mìíràn la fi ń wọ̀n ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Awọ inú ẹnu máa ń yára pààrọ̀ ara rẹ̀; láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tí èèyàn fi eyín gé tàbí ibi tí nǹkan gbígbóná jó á ti bo. Nítorí náà, egbò, àmì funfun, àmì pupa tàbí kókó yòówù tó bá lé ní ọjọ́ 14 láìsan, ó yẹ kí dókítà eyín rí i. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí àwáwí mọ́. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á lo jẹ́ẹ̀lì tó ń pa ìrora fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbé oògùn apakòkòrò mì fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, wọ́n á wá pa oríṣi mìíràn dà, oṣù mẹ́ta á sì ti lọ. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń wo jẹjẹrẹ.

Ìkejì ni àwọ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù nù ún díẹ̀. Èyí tó bá ṣí kúrò, ó sábà jẹ́ àrùn tí irú olú tín-tìn-tín kan ń fà. Ó nílò ìtọ́jú, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí kò ṣí kúrò ni kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àmì pupa tó rí múlọ́múlọ́ kò wọ́pọ̀ tó funfun, ṣùgbọ́n òun ló burú jù: bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ awò-kékeré, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ti ní sẹ́ẹ̀lì tó ti ń yí padà tàbí jẹjẹrẹ gan-an nínú. Ó wá jẹ́ pé òun làwọn èèyàn kì í kà sí, torí wọ́n rò pé ẹnu kàn gbóná ni.

Ìkẹta ni bó ṣe rí lọ́wọ́. Ẹ fi ìka tẹ ètè yín, kí ẹ tún tẹ ṣónṣó imú yín. Egbò lásán máa ń rọ̀ bí ti ètè. Bí etí egbò bá ga sókè, tí abẹ́ rẹ̀ sì le sún mọ́ ti imú, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 14.

Ẹni tó ń fa sìgá, tó ń jẹ tábà tàbí tó ń lo aáṣà, àti ẹni tó ń mutí, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èéfín tábà ní èròjà tó ń ba ohun tó ń darí sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Tábà tí wọn kì í fín náà ní irú èròjà yìí. Ibi tí èèyàn bá máa ń fi í pamọ́ sí láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, ibẹ̀ ni awọ ti máa ń funfun, tí á sì hunjọ. Ọtí ní tirẹ̀, bó bá wọ ara, ara àti àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ẹnu á sọ ọ́ di asetadíháìdì, májèlé tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Oríṣi ọtí kò yí èyí padà. Ọtí tún máa ń jẹ́ kí awọ ẹnu gba májèlé tábà wọlé ní wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ewu àwọn méjèèjì kì í fi í ṣe àròpọ̀, ńṣe ni wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1988 rí i pé àwọn tó ń fa páálí sìgá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí wọ́n sì ń mu ju ife ọtí mẹ́rin lọ, ní ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun tó ju ìlọ́po 35 ti ẹni tí kò mu èyíkéyìí lọ. Bí èèyàn bá jáwọ́ nínú sìgá, ewu náà á dín sí nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún 5 sí 10. Àmọ́ ẹni tí kò fín, tí kò mu, lè ní in pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe odi.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó láti yẹ ẹnu ara ẹni wò, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ti pọ̀ fún un. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ yọ eyín àtọwọ́dá bó bá wà, ẹ dúró níwájú dígí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìka wá kókó ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì àti lábẹ́ àgbọ̀n; èyí tó le, tí kò dunni, tí kì í sún bí ẹ bá tì í, ni kí ẹ fura sí. Ẹ yí ètè òkè àti ìsàlẹ̀ síta, ẹ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ẹ̀yìn eyín ìkẹyìn, ẹ wo erìgì, kí ẹ sì gbé orí sẹ́yìn wo àjà ẹnu.

Ahọ́n ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ ẹnu lábẹ́ rẹ̀ wà lára ibi tí jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì làwọn èèyàn kì í wò, torí orí ahọ́n nìkan ni dígí ń fi hàn wọ́n. Ẹ fi gọ́ọ̀sì di ṣónṣó rẹ̀ mú, ẹ fà á sí ọ̀tún, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì títí dé ẹ̀yìn; ẹ tún fà á sí òsì. Ẹ gbé e kan àjà ẹnu kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka kan bọ abẹ́ ahọ́n, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì gbé e láti abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹran tó wà láàárín ìka méjèèjì má bàa sá fún yín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ á ta gìrì nítorí ohun tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kókó roboto tó tò bíi V lẹ́yìn ahọ́n, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Bákan náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ búlúù lábẹ́ ahọ́n, ìlà funfun tó bá ibi tí eyín ti pàdé mu nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, egungun tó yọ gọngọ láàárín àjà ẹnu, àti dúdú tó wà lára erìgì aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rí bákan náà lápá ọ̀tún àti òsì. Ohun tó bá wà lápá kan ṣoṣo, tí kò sí tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Ìyẹ̀wò yìí kò lè débi bẹ́líbẹ́lí àti gbòǹgbò ahọ́n. Jẹjẹrẹ tí fáírọ́ọ̀sì HPV ń fà sì fẹ́ràn ibẹ̀. Kókó ọrùn ló sábà kọ́kọ́ ń tú u fó.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Ká sọ pé ẹni 55 ọdún kan tó ń fa sìgá, tó sì ń mutí, rí egbò ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀, níbi tí eyín tó kán ti ń ha á. Kò dùn ún. Kíá ló ti rí ẹjọ́ rò: "Eyín ló ń gé mi." Ó lè jẹ́ òótọ́. Dókítà eyín á dán ibi tó mú lára eyín náà, tàbí kó yọ ọ́, á wọn egbò náà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì dá ọjọ́ 14 fún un. Bí eyín bá jẹ̀bi lóòótọ́, egbò á ti bo tàbí kó ti kéré gan-an nígbà náà. Bó bá wà bó ṣe wà, eyín kọ́ nìyẹn, kò sì sí ìdí láti tún fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí dókítà bá fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ tó sì le láti ọjọ́ kìíní, kò ní dúró rárá.

Ohun tó kàn ni kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ mọ ìrora, wọ́n á mú ẹran kékeré láti etí egbò, kì í ṣe láti àárín rẹ̀ tó ti lè kú, wọ́n lè fi òwú kan tàbí méjì rán an, ẹni náà á sì lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń sọ pé gígé yìí ló ń tan jẹjẹrẹ ká ń dẹ́rù ba èèyàn lásán. Dídúró ló ń jẹ́ kó tàn ká. Ojú dókítà, bó ti wù kó mú tó, kò lè sọ ohun tó wà nínú egbò láìsí àyẹ̀wò yìí.