Ẹ Kọ́kọ́ Fọ Páìpù Kí Ẹ Tó Ṣí Omi

Omi ẹ̀rọ dá, kò yọ mọ́; nígbà tó padà dé lọ́sẹ̀ yìí, pupa ló ń yọ, a sì fẹjọ́ sùn. Àwọn aláṣẹ omi ti fèsì. Wọ́n ní kí kálukú ṣí ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí omi tó pọ́n bí àgbo yẹn máa dànù títí yóò fi mọ́. Wọ́n ní ìpẹtà lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Lóòótọ́, ìpẹtà ni. Nígbà tí omi bá dá pẹ́, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù irin, èépá ìpẹtà tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ á gbẹ, á sì sán. Bí omi bá wá ya dé lójijì, yóò ha gbogbo rẹ̀ wá sínú kòròbà wa. Bí irin inú lítà omi kan bá ju mílígíráàmù 0.3 lọ, ó ti tó láti ba aṣọ funfun jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe májèlé.

Ohun tí wọn kò sọ ló ń bà wá lẹ́rù. Páìpù tó ṣófo a máa fa nǹkan mọ́ra. Níbi tó bá ti jò, tó sì gba inú gọ́tà kọjá, omi gọ́tà ni yóò fà wọlé. Ìpẹtà yìí kan náà ló sì ń jẹ kolorínì tó yẹ kó pa kòkòrò àrùn. Ẹni tó bá fi álọ́ọ̀mù sí i, omi rẹ̀ á tòrò, kòkòrò ò ní kú. Ẹni tó bá sè é, kòkòrò á kú, ìpẹtà á ṣì wà níbẹ̀.

A ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: iṣẹ́ àwọn aláṣẹ ni láti fọ páìpù, kì í ṣe iṣẹ́ ìyá tó fẹ́ se oúnjẹ àárọ̀. Páìpù onínṣì mẹ́fà tó gùn ní kìlómítà kan péré ń gba omi bíi lítà 18,000. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 720 nìyẹn! Ìdílé wo ni yóò da ìyẹn nù láti ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan, tí mítà yóò sì máa kà á sí wọn lọ́rùn?

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é kò ṣòro. Kí wọ́n máa ṣí omi díẹ̀díẹ̀ kún páìpù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ẹnu ìfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ojú pópó kọ̀ọ̀kan, kí omi fi agbára tú síta títí yóò fi mọ́ nínú ife. Kí wọ́n wá wọn kolorínì ní ilé tó jìnnà jù: bí kò bá tó mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan, kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó mu ún.

Kí wọ́n yọ owó omi pupa ọ̀sẹ̀ yìí kúrò nínú bíìlì. Omi yóò sì tún dá. Kó tó padà, a fẹ́ mọ ojú pópó tí wọn yóò kọ́kọ́ fọ̀, ọjọ́ wo, àti aago mélòó.