Èsì wa fún oníbàárà tó ní ètò ìṣirò ọjà wa kò mọ ìṣirò

"Ìràwọ̀ 1 nínú 5. Ètò yìí kò mọ ìṣirò rárá. Ó ní mo ní gílóòbù 480, 420 ni mo kà lórí pẹpẹ. Mo tún un ṣe bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, àìpé náà tún wá di 68. Mo ti fura sí ọmọ tó ń bá mi tajà. Ẹ má fi owó yín ṣòfò."

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, Mà. Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni "bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe", nítorí kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Èmi tí mo kọ ètò yìí ni mo fi odidi alẹ́ kan jókòó ti àkọsílẹ̀ yín, lẹ́yìn tí ẹ ti fún wa láyè láti wò ó. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń rò ó láti rà á náà ka ohun tí mo rí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, páálí gílóòbù 15 wọlé. Páálí 5 ló kù nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 120, ìwé àti pẹpẹ sì bára mu. Ẹni tó ń gba ọjà wọlé fi ẹ̀rọ ka báàkóòdù ara páálí tuntun. Ètò wa dá a lóhùn pé `Barcode not found`. Ó tún kà á, ìdáhùn kan náà ló gbà. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi pa ẹ̀rọ tì, tó fọwọ́ yan páálí tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì tẹ 15. Ohun tó wọ inú ìwé nìyí:

```
15 CTN x 24 = 360 PCS
```

Mà, òótọ́ ni ètò náà ń sọ nígbà tó ní òun kò mọ báàkóòdù yẹn. Àjọ GS1, tó ń bójú tó nọ́ńbà báàkóòdù káàkiri ayé, ti là á kalẹ̀ pé bí iye ẹyọ inú páálí bá yí padà, páálí náà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tuntun, bí ẹyọ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà rárá. Nítorí náà, tí páálí tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́ bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ tú ọ̀kan kí ẹ kà á.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ ya fọ́tò páálí àtijọ́ àti tuntun, ẹ sì yà wọ́n. Àwọ̀ kan náà ni, àwòrán kan náà ni, àmọ́ tuntun fi díẹ̀ kúrú sí ti àtijọ́. Nínú ti àtijọ́, ìlà mẹ́fà ni gílóòbù tò sí, mẹ́rin mẹ́rin. Nínú tuntun, ìlà márùn-ún ni. `20 PCS` wà ní igun ìsàlẹ̀ páálí, lẹ́tà rẹ̀ kò tó èékánná ọmọńdìnrín. 300 ló wọlé, 360 ni wọ́n kọ.

Irú àìpé yìí ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 15, iye páálí tó wọlé kẹ́yìn. Mẹ́rin ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣẹ́kù rárá, mẹ́rin náà sì ni ìyàtọ̀ 24 sí 20. Bí ènìyàn bá ń jí ọjà, tàbí tí gílóòbù ń fọ́ lẹ́yìn yín, ohun tó máa dín kì í sábà bá iye páálí mu bẹ́ẹ̀: ẹ máa rí 7, ẹ máa rí 13. Tó bá ti pín láìṣẹ́kù, inú páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku 8 tó lé sí i. Ọjọ́ 11 lẹ pè wá. Ọmọbìnrin tó gbé ìpè yín ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún 6, mo sì ti gbọ́ ohùn ìpè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ dá páálí tuntun sílẹ̀, Mà, ẹ má fọwọ́ kan ti àtijọ́." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ ṣí páálí àtijọ́ nínú ètò, lẹ yí 24 rẹ̀ sí 20. Èyí kò lè dín 360 kù, nítorí ẹyọ ni ètò wa ń tọ́jú sínú ìwé, kì í tọ́jú páálí. Ká ní ó máa ń padà sẹ́yìn ni, gbogbo páálí tí ẹ ti rà tí ẹ sì ti tà látẹ̀yìnwá ni ì bá dàrú pọ̀. Ní ọjọ́ 12, oníbàárà kan ra páálí àtijọ́ méjì lódidi. Gílóòbù 48 ló jáde, ìwé yọ 40, torí pé 20 lẹ ti sọ fún un pé ó wà nínú páálí. Mẹ́jọ tó lé nìyẹn. 60 pẹ̀lú 8 ni 68 yín.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò tíì fura sí, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tètè bójú tó. Ká ní owó tí ẹ fi ra páálí kan jẹ́ 120. Tí a bá pín in sí 24, ẹyọ kan di 5. Tí a bá pín in sí 20, ó di 6. Ẹni tó bá ń ta ẹyọ ní 5.5 máa rí èrè 0.5 nínú ìwé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.5 gan-an ló ń pàdánù. Ẹ kò tíì yí iye owó tí ẹ ń ta ẹyọ padà láti ọjọ́ 4.

Ẹ dá 24 padà sórí páálí àtijọ́, ẹ pè é ní `CTN24`. Ẹ dá `CTN20` sílẹ̀, kí ẹ so báàkóòdù tuntun mọ́ ọn. Ẹ yọ 68 kúrò pẹ̀lú àlàyé ìdí rẹ̀, kí ẹni tó bá ka ìwé náà lọ́jọ́ iwájú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó páálí 15 yẹn sórí 300.

Ẹ̀bi tiwa kan wà, n kò ní fi pa mọ́. Lójú ìwé tí ẹ fi ń gba ọjà wọlé, 15 ló hàn gàgàrà, 360 wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. A ti ń yí i padà: ẹni tó bá fọwọ́ yan páálí máa kọ́kọ́ dáhùn pé ẹyọ mélòó ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kò sí ètò tó lè rí inú páálí tí wọn kò tíì tú.

A ó dá owó oṣù mẹ́ta padà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò jẹ yín. Ọmọbìnrin tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ sí ti gbà láti wà lórí fóònù pẹ̀lú yín títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tò. Ní ti ọmọ tó ń bá yín tajà, mo wo orúkọ tó gba páálí 15 yẹn wọlé ní ọjọ́ 4. Kì í ṣe tirẹ̀, Mà. Orúkọ yín ni.