Gbèsè ló ń pọ̀, kì í ṣe ọjọ́ ló ń gùn

"Ọdọọdún ni ayé ń fi ìṣẹ́jú-àáyá kan falẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kún aago."

Wọ́n ń fi kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọọdún.

Aago átọ́ọ̀mù ka ọjọ́ kan sí 86,400 ìṣẹ́jú-àáyá. Ká ní ayé ń fi ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, láìfalẹ̀ sí i rárá: ní ọjọ́ 500, gbèsè tí ayé jẹ aago á pé odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Láti 1972, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n ti fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kún aago láti san gbèsè yìí. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí 00:59:60 ní Nàìjíríà, ọjọ́ kìíní ọdún 2017. Lẹ́yìn náà ni ayé tún yára díẹ̀.

Ẹ wò ó nínú ìkéde Bulletin C ti IERS, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ bí ayé ṣe ń yí.